Owó Òrùlé Ṣọ́ọ̀ṣì: Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nínú Ìwé Tí Ẹ Máa Gbé Síwájú Ìgbìmọ̀

Ohun tó sábà máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìjọ ni pé iye tí àwọn káfíńtà kọ wá kì í ṣe ti iṣẹ́ kan náà. Ọ̀kan wọn ilẹ̀, èkejì wọn òrùlé.

Ká ní ṣọ́ọ̀ṣì yín gùn ní mítà 20, ó sì fẹ̀ ní mítà 12. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sukuéà mítà 240. Ṣùgbọ́n òrùlé yọ kọjá ògiri, ó tún dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà ó lè tó 310. Káfíńtà àkọ́kọ́ kọ mílíọ̀nù 5.76 náírà, ẹnìkejì kọ mílíọ̀nù 6.975. Gbogbo ọwọ́ ni yóò nà sí ti àkọ́kọ́. Ẹ bi í pé sukuéà mítà mélòó ló ṣírò. Bó bá jẹ́ 240, a jẹ́ pé 24,000 náírà ló ń gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 310, owó rẹ̀ di mílíọ̀nù 7.44, ó sì ti wọ́n ju ti ẹnìkejì tó ń gba 22,500. Ìwọ̀n kan náà àti páànù tó nípọn bákan náà, bíi 0.55 mílímítà, ni kí ẹ kọ fún gbogbo wọn kí wọ́n tó díye lé e.

Lẹ́yìn náà ni owó àìròtẹ́lẹ̀. Kò sí káfíńtà tó lè rí gbogbo pákó tí ikán ti jẹ kó tó ṣí páànù kúrò. Ẹ lè fi ìṣó gígùn gún orí pákó létí òrùlé, níbi tí omi ń gbà wọlé. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, àrùn ti wà níbẹ̀. Fún òrùlé àtijọ́, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn láti yà sọ́tọ̀. Lórí mílíọ̀nù 6.975, ìyẹn jẹ́ 1,046,250 náírà, àpapọ̀ sì di 8,021,250. Ọwọ́ akápò ni kí owó yìí wà, kó má wọ àdéhùn káfíńtà, kí ẹni méjì sì fọwọ́ sí i kó tó jáde, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fojú rí pákó tó bàjẹ́.

Ní ti ìdáwó, ẹ ya ojú ìlà méjì sọ́tọ̀: owó tó ti wọlé, àti èyí tí wọ́n ṣèlérí. Bí mílíọ̀nù 2 bá wà nílẹ̀, ó ku 6,021,250. Tí ìdílé bá jẹ́ 120, ẹ má fi gbogbo wọn pín in, torí kì í ṣe gbogbo ìlérí ló ń wọlé. Ẹ fi 90 pín in: nǹkan bí 67,000 fún ìdílé kan, ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó lágbára gba ti àwọn opó mọ́ra.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí páànù kan ṣoṣo nítorí ìlérí. Bí owó páànù àti pákó kò bá tíì pé ní ìparí oṣù kìíní, ẹ dí ojú ibi tó ń jò, kí ẹ sì sún iṣẹ́ náà sí oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró.