Bí iye owó ṣe ń pinnu ìrìn eré títẹ̀

Iṣẹ́ ẹni tó ń fi eré títẹ̀ ṣeré kò pọ̀: yóò fi ìka tẹ ojú fóònù kí owó wọlé, yóò fi owó náà ra ohun tí yóò máa pa owó wọlé fúnra rẹ̀, èrè ìyẹn ni yóò sì fi ra òmíràn. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe eré náà, nítorí òun ló gbọ́dọ̀ pinnu iye tí a óò ta nǹkan kọ̀ọ̀kan, kí eré má baà tán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kó má sì falẹ̀ débi tí èèyàn á fi pa fóònù tì. Cookie Clicker, tí Julien Thiennot ọmọ ilẹ̀ Faransé gbé jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, dára láti fi ṣe àyẹ̀wò, torí pé iye owó inú rẹ̀ kò fara sin.

Bisikíìtì ni owó inú eré yìí. Tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bisikíìtì kan ló máa wọlé. Tí bisikíìtì bá pé 100, ó lè ra ìyá àgbà kan, tí yóò máa yan bisikíìtì 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bó bá pé 1,100, ó lè ra oko kan, tí ń mú 8 wá ní ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn nǹkan mìíràn wà, ṣùgbọ́n méjì yìí ti tó fi ṣàlàyé.

Ohun tó ń dá eré dúró kó má sá lọ ni pé gbogbo ìgbà tí a bá ra nǹkan kan, èyí tó tẹ̀ lé e máa fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i:

```
iye = ipile * 1.15 ** iye_ti_a_ni
```

Ipile ni iye tí a fi ra àkọ́kọ́. Èrè ìyá àgbà kì í yí padà. Bí a bá ní márùn-ún, bisikíìtì 5 ló ń wọlé. Bí a bá ní ogún, 20 ni. Àmọ́ iye tí a ń rà á ń di ìlọ́po. Lẹ́yìn ìyá àgbà 5, iye rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn 10, ó ti di ìlọ́po mẹ́rin. Lẹ́yìn 20, ó ti lé díẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó ti ní ogún yóò san nǹkan bí 1,637 kó tó ra ìkọkànlélógún, bẹ́ẹ̀ bisikíìtì 1 náà ni ìyẹn yóò máa mú wá. Ó máa tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 27 kó tó dá owó ara rẹ̀ padà.

Láti mọ ohun tó yẹ kí èèyàn rà, àkókò ni ká wò, kì í ṣe iye owó nìkan. Ìdúró méjì ló wà nínú gbogbo ìrajà: àkókò tí a óò fi kó owó náà jọ, àti àkókò tí ohun tí a rà yóò fi dá owó náà padà. Ká ní kò sí owó nílẹ̀ rárá, ó di:

```
akoko = iye / owo_to_n_wole + iye / afikun
```

Afikun ni iye tí ohun tí a rà yóò fi kún owó tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ohun tí àkókò rẹ̀ bá kéré jù lọ ni ó yẹ ní rírà. Ká fi ẹni tí kò fi ọwọ́ tẹ ohunkóhun mọ́ wò ó, tó ní ìyá àgbà nìkan. Nígbà tó ní 6, ìkeje máa gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 270 lápapọ̀, oko sì máa gbà á ní 321, nítorí náà ìyá àgbà ló ṣì dára. Àgbéga kan tún wà, tí orúkọ rẹ̀ lójú fóònù ń jẹ́ Forwards from grandma. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń rà á, 1,000 ni iye rẹ̀, ó sì ń sọ iṣẹ́ gbogbo ìyá àgbà di ìlọ́po méjì. Fún ẹni tó ní 6, 333 ni àkókò tirẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà pé 7. Ìyá àgbà tó kàn di 304, oko di 295, àgbéga di 286. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Títí di àkókò yìí, kò sí ohun tí ẹni tó ń ṣeré ń rò ju kó máa ra ìyá àgbà lọ. Ní báyìí, ọ̀nà mẹ́ta ló là sílẹ̀, kò sì sí èyí tí yóò yàn tí yóò pàdánù púpọ̀. Irú oríta bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí èèyàn ronú, ibẹ̀ sì ni adùn eré yìí wà.

Tó bá ra àgbéga náà, owó tó ń wọlé di 14. Àkókò ìyá àgbà tó kàn já bọ́ láti 304 sí nǹkan bí 152, ti oko sì di 216. Ìyá àgbà tó ti ń wọ́n jù tún di ọjà gidi. Ó máa ra mẹ́ta sí i, nígbà tó bá sì ní 10, oko ti di 192, ìyá àgbà 222, ó tó àkókò láti ra oko. Ìdí tí àgbéga fi ṣe èyí kò le: ohun tó sọ èrè di ìlọ́po méjì ti pa ìdíyelé ìrajà márùn-ún rẹ́, torí ìrajà márùn-ún ló ń sọ iye di ìlọ́po méjì. Àgbéga ìyá àgbà kejì máa ń yọjú nígbà tí a bá ní 5, ìkẹta nígbà tí a bá ní 25. Láàárín 5 sí 25, iye ìyá àgbà ti di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún, àgbéga kan ṣoṣo kò sì lè gbé ìyẹn. Ẹni tó bá dúró ti ìyá àgbà nìkan yóò kọlu ògiri, yóò sì wá oko lọ.

Nọ́ńbà 1.15 kì í ṣe òfin. Bí a bá fi 1.07 rọ́pò rẹ̀ láìfọwọ́ kan ìyókù, ìyá àgbà ni yóò máa borí títí yóò fi pé 9 tàbí 10, kò sì ní sí ohun kankan tí èèyàn ń yàn láàárín. Bí a bá fi 1.3 sí i, ìyá àgbà 5 péré ni oko yóò ti borí, kí àgbéga tó wúlò. Àwọn ìyá àgbà á di ohun tí a rà tí a sì gbàgbé.

Ìṣirò yìí yọ ọwọ́ èèyàn kúrò, ìyẹn sì ni àléébù rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ eré. Ẹni tó ń tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá ń pa iye tí ìyá àgbà márùn-ún ń pa, àkókò ìkówójọ sì máa ń dín kù gan-an. Tí oko bá ti pọ̀, títẹ̀ kò já mọ́ nǹkan mọ́. Ìdí nìyẹn tí Cookie Clicker fi ní àwọn àgbéga tí ń fún títẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá, kí ọwọ́ má baà di ohun àtijọ́.

Kí a tó fún àwọn èèyàn ní eré tuntun, ó yẹ kí ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan kọ́kọ́ fi ṣeré, tí yóò máa ra ohun tí àkókò rẹ̀ kéré jù, tí yóò sì máa kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín ìrajà méjì sílẹ̀. Eré tó dára máa ń fi àlàfo tó ń gùn díẹ̀díẹ̀ hàn, tí yóò já bọ́ nígbà tí àgbéga bá dé, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Bí àlàfo bá ń kúrú ṣáá, owó ti sá mọ́ eré lọ́wọ́. Bí ó bá fò láti ìṣẹ́jú-àáyá 40 sí ìṣẹ́jú 10 tí kò sì sí ohun kékeré tí èèyàn lè rà láàárín rẹ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò ti pa eré náà tì. Bí nǹkan kan ò bá sì borí rí nínú gbogbo ìrajà, ó wọ́n jù. Iye ìpìlẹ̀ nǹkan yẹn nìkan ni ká kọ́kọ́ dín, ká fi 1.15 sílẹ̀, torí pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ìyẹn ti fọwọ́ kan gbogbo oríta inú eré náà lẹ́ẹ̀kan náà.