Ta ni kó máa mójú tó ojú òpó ṣọ́ọ̀bù: ilé iṣẹ́ apolówó, agbaṣẹ́ṣe, àbí òṣìṣẹ́ olóṣù?

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà tó ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn bójú tó Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù ló kọ́kọ́ máa ń béèrè pé, "Èló lẹ máa gbà?" Ọ̀rọ̀ owó kò tíì kàn. Irú iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ mọ̀, àti wákàtí tó ń gbà lọ́sẹ̀.

Ká fi ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta aṣọ òkè àti fìlà ní Tákíé, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní èèyàn 20 ló ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lójúmọ́. Láti orí "Ẹ kú ọjà o, èló ni?" títí dórí nọ́ńbà àkáǹtì, ẹnì kan lè gba ìṣẹ́jú 5. Ní ọjọ́ 6 tí wọ́n ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn ti di wákàtí 10. Fọ́tò yíyà lè gba wákàtí 3, ọ̀rọ̀ kíkọ àti gbígbé e síta wákàtí 2, ìpolówó tí wọ́n ń sanwó fún wákàtí 1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 16.

Nínú 16 yìí, ìdáhùn nìkan kó 10, kò sì ṣeé kó jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ìgbàkígbà ni oníbàárà ń dé. Ìbéèrè wọn náà tún nílò ẹni tó dúró ti ọjà: "Ṣé àwọ̀ yìí ṣì kù? Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi. Ṣé mẹ́fà sí i lè jáde kó tó di Sátidé?" Ẹni tó jókòó sí Ìbàdàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n tó gbé fóònù, oníbàárà ti bá ẹlòmíì dúnàádúrà.

Ibí yìí ni ilé iṣẹ́ apolówó ti máa ń kùnà fún ṣọ́ọ̀bù kékeré. Wọ́n lè ní ayàwòrán, akọ̀wé àti ẹni tó mọ ìpolówó dunjú, ṣùgbọ́n oníbàárà tiwọn náà pọ̀, ìdáhùn sì lè má sí nínú àdéhùn rárá. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ibi tí wọ́n ti wúlò ni kí ọlọ́jà ní ẹ̀ka ní Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Ìlọrin, tí gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lóhùn kan.

Agbaṣẹ́ṣe rọrùn láti rí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ LAUTECH tó mọ fọ́tò àti ìpolówó kò wọ́n ní agbègbè Under G. Àmọ́ tí ìdánwò bá dé, tàbí tí wọ́n bá lọ sílé, ojú òpó á dákẹ́. Iṣẹ́ tó ní òpin ni kí ẹ gbé fún un: kó wá ya fọ́tò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó kọ ọ̀rọ̀ sí i, kó sì ṣètò ìpolówó.

Òṣìṣẹ́ olóṣù ńkọ́? Owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè láti 2024 jẹ́ 70,000 náírà, kí á tó ka dátà. Wákàtí 16 kò tó ẹni tí yóò jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Nítorí náà, fún ṣọ́ọ̀bù yìí, ọmọ ọjà tó ti wà níbẹ̀ ni kó máa dáhùn, kí wọ́n fi nǹkan kún owó rẹ̀, kí agbaṣẹ́ṣe sì mú ìyókù. Bí ọ̀rọ̀ bá fi di 60 lójúmọ́, ìdáhùn nìkan á gba wákàtí 30 lọ́sẹ̀. Ìgbà yẹn ni òṣìṣẹ́ olóṣù tó gbà.

Ẹni yòówù kí ó jẹ́, kò gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà tàbí ímeèlì tirẹ̀ ṣí ojú òpó náà. Tí ìjà bá dé, òun ni Fesibúùkù á mọ̀. Ọlọ́jà ni kó fi àkáǹtì tirẹ̀ ṣí i, kó wá lọ sí Page access láti fún un ní àyè tó nílò, láìfún un ní pásíwọọ̀dù. Wáásáàpù Business náà, orí fóònù ṣọ́ọ̀bù ni kó wà. Ó ṣeé so mọ́ ẹ̀rọ 4 mìíràn. Owó iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ dá dúró, kí owó tí Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù, ń gbà fún ìpolówó máa jáde láti orí káàdì ọlọ́jà. Bí wọ́n bá da méjèèjì pọ̀, kò sí bí a ṣe máa mọ èló ló dé ọ̀dọ̀ Meta.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ má wo "láìkì". Ẹ ṣí ìwé kan, kí ẹ máa kọ iye ẹni tó béèrè owó, iye ẹni tó san, àti bí ìdáhùn àkọ́kọ́ ṣe pẹ́ tó. Tí àwọn tó béèrè bá pọ̀ tí àwọn tó san sì kéré, ẹ yẹ aago ìdáhùn wò kí ẹ tó bínú sí ẹni tó ṣe ìpolówó. Tí ìdáhùn bá yá tí kò sì sẹ́ni tó ń béèrè, ọwọ́ ẹni tó ya fọ́tò tó sì ṣe ìpolówó ni ẹjọ́ wà.