Ìgbẹ́ tí a mú mọ́ra kì í dúró dè wá

"Mú un mọ́ra ná, a ò ní pẹ́ délé." Mélòó nínú àwa ìyá Èkìtì ni kò tíì sọ ọ́ rí, bóyá nínú ọkọ̀ tó ń lọ láti Adó sí Ìkọ̀lé, bóyá láàárín ìsìn? Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ fún ọmọ tèmi. Ohun tí a gbàgbọ́ ni pé ìgbẹ́ tí a dá dúró á kàn jókòó jẹ́ẹ́ ni, bí a bá délé, a ó bá a níbi tí a fi í sí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n kò ṣe nǹkan kan. Kí ó má di àṣà ni.

Ìgbẹ́ kì í gbé lẹ́nu ọ̀nà. Òkè nínú ìfun ńlá ló ń wà. Bí a bá jẹun tán, pàápàá láàárọ̀, ìfun á súnkì, á ti ìgbẹ́ sọ̀kalẹ̀ sínú àpò kan tó wà nísàlẹ̀, lókè ihò ìdí gan-an. Àpò náà á fẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ìgbẹ́ gbọ̀n wá. Iṣan méjì ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ti inú ń dẹ̀ fúnra rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ti ìta ló wà níkàáwọ́ wa. Bí a bá fún ti ìta pa, láìpẹ́ ara á dákẹ́, a ó sì rò pé ó ti tán. Kò tán o. Àpò yẹn ló ti rọ̀ láti gbà á mọ́ra, apá kan ìgbẹ́ náà tilẹ̀ lè padà gòkè. Ìfun ńlá kì í sì yéé fa omi. Bí ìgbẹ́ bá ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ ló ń gbẹ, títí á fi le koko. Lọ́jọ́ tí a bá wá fẹ́ yà á, á ya ìdí, oró á sì mú kí a tún sá fún un lọ́jọ́ kejì.

Ìyá kan ládùúgbò wa l'Ádó mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 7, wá bá mi. "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí. Ó ń yàgbẹ́ gbuuru sí ṣòkòtò, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé." Ó ti gba ìbẹ́pẹ àti ọsàn lẹ́nu ọmọ, ó ti ra oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró. Ó sì ti nà án, nítorí ọmọ ń sọ pé òun kò mọ ìgbà tó jáde.

Mo bi í pé ìgbà wo ni ọmọ yàgbẹ́ gidi kẹ́yìn. Ó ronú, ó ní ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án, èyí sì tóbi débi pé ó dí ilé ìgbẹ́ wọn pa. Mo tẹ ikùn ọmọ náà nísàlẹ̀ lápá òsì, kókó líle líle ni mo bá níbẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọ tó sọ pé ilé ìgbẹ́ ilé-ìwé àwọn kò ní ìlẹ̀kùn, nítorí náà òun kì í lọ.

Ọmọ yìí kò ní ìgbẹ́ gbuuru rárá. Inú rẹ̀ ló kún. Ìgbẹ́ líle ti sé ọ̀nà, èyí tó ṣì rọ̀ lókè ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àpò ìsàlẹ̀ ti fẹ̀ jù, kò mọ ìgbà tó kún mọ́, ọmọ náà kò sì parọ́ nígbà tó ní òun kò mọ̀. Oògùn tí ìyá rà tún wá ti ìlẹ̀kùn tó ti dí tẹ́lẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n fún un ní oògùn olómi tó dùn, irú èyí tó ń fa omi sínú ìgbẹ́. Wọ́n fi kó ti àtijọ́ kúrò ná, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ó máa lo ìwọ̀n díẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù bíi mélòó kan. Ibí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìṣe: bí ìgbẹ́ bá ti rọ̀ lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n á dá oògùn dúró, àpò tó ti fẹ̀ kò sì tíì súnkì. Ẹ̀wà àti èso dára, ṣùgbọ́n wọn kò lè tú èyí tó ti sé. (Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kíkorò tí ìyá àgbà ọmọ gbé wá, a ní kí wọ́n gbé e padà.) Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́, ọmọ ń jókòó nílé ìgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí ìjókòó kékeré kí orúnkún lè ga ju ìbàdí lọ, bí ẹni tó lóṣòó. Tíṣà rẹ̀ gbà kí ó máa lo ilé ìgbẹ́ àwọn olùkọ́.

Bí ikùn bá wú tí ọmọ ń bì, tí ó ń rù, tàbí tí àìrígbẹ́yà ti wà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn, kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ọsibítù.

Ní oṣù kẹrin ìtọ́jú náà, ìyá rẹ̀ pè mí láti ọjà. Ó ní ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lójúde, ló bá já eré sílẹ̀, ó sáré wọlé: "Mọ́mì, ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí!"