Ibi tí ìlà dírọ́ọ̀dáùn ti ṣẹ̀ wá, láti Ṣìkágò dé Táńkẹ̀

Nínú oṣù keje, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbáà tán ni àbúrò mi kan tó ń gbé ní Táńkẹ̀, nílùú Ìlọrin, pè mí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ti ti akáǹtì mi. Dọ́là 110 péré ni mo pàdánù o, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní mo lè pàdánù 500 lójúmọ́." Mo ní kó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo wò ó, kò parọ́. Ilé-iṣẹ́ pírọ́ọ̀pù tó ti akáǹtì tíréèdì náà kò sì parọ́. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ni ọ̀rọ̀ wà, n kò sì mọ bí mo ṣe lè là á yé e láìkọ́kọ́ sọ ibi tí òfin ìlà dírọ́ọ̀dáùn, ìyẹn ìwọ̀n àdánù tí oníṣòwò kò gbọdọ̀ kọjá, ti wá.

Látètèkọ́ṣe, ohun tí pírọ́ọ̀pù túmọ̀ sí kò ju pé olówó kó owó ara rẹ̀ fún ẹni tó mọ ọjà, kó fi máa rà kó fi máa tà, kí wọ́n jọ pín èrè. Ṣìkágò ní Amẹ́ríkà ni ìdí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí. Ní 1983, Richard Dennis, tó ti là nídìí òwò náà, bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ William Eckhardt jiyàn bóyá wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ yìí ni àbí wọ́n ń bí i mọ́ ènìyàn. Wọ́n polówó nínú ìwé ìròyìn, wọ́n ṣa àwọn ènìyàn jọ, wọ́n kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì sọ wọ́n ní Ìjàpá. Kò sí Ìjàpá kankan tó san owó ìdánwò. Owó Dennis ni wọ́n fi ń ṣòwò, tí wọ́n bá pàdánù, àpò tirẹ̀ ló ń jò. Ìdí nìyẹn tí òfin fi wà pé bí àdánù bá ti dé ìwọ̀n kan, kí oníṣòwò dín ohun tó ń rà kù. Wọn ò lé e, wọ́n ní kó rọra ni.

Bí ti ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ Màrúwá fún ọmọ Gaa-Akanbi láti máa fi jíṣẹ́ owó fún un ló rí. Onítọ̀hún lè ní kó má gba ọ̀nà báyìí lálẹ́, torí bí kẹ̀kẹ́ bá bàjẹ́, òun ni gbèsè yóò wà lọ́rùn rẹ̀. Òfin náà ń ṣọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì ń ṣọ́ ọmọ tó ń wà á.

Ní 2012, ní Ṣìkágò kan náà, Michael Patak, tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣòwò lórí ilẹ̀ ọjà rí, gbé Topstep kalẹ̀. Àyípadà tó mú wá ni pé ẹnikẹ́ni lè san owó lóṣooṣù, kó fi akáǹtì démò, tí kò sí owó gidi nínú rẹ̀, ṣe ìdánwò. Bó bá jèrè dé ibi tí wọ́n là sílẹ̀, tí kò sì kọjá ìlà àdánù, wọ́n á gbé akáǹtì fún un. Ní 2015, àwọn kan ní Pírágì, olú-ìlú Ṣẹ́ẹ̀kì, bẹ̀rẹ̀ irú tiwọn, èyí tó padà di FTMO. Tiwọn ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa ṣe àwòkọ rẹ̀: owó ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ìpele méjì, èrè 10% ní àkọ́kọ́ àti 5% ní èkejì, àdánù 5% lójúmọ́, 10% lápapọ̀. Bí o bá yege, owó ìdánwò yóò padà bá ọ pẹ̀lú èrè àkọ́kọ́ tí wọ́n pín fún ọ. Àmọ́ akáǹtì tí wọ́n ń gbé fún ẹni tó yege, démò náà ṣì ni. Wọn kò fi èyí pamọ́, ó wà nínú àdéhùn tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà.

Níbí gan-an ni òfin náà ti yí padà, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ kò yí. Àdánù lórí démò kò jẹ gọ́bọ̀ nínú owó ẹnì kankan. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, owó ìdánwò rẹ̀ ti wọlé, yóò sì tún san òmíràn. Ìlà tí wọ́n fà nígbà kan láti ṣọ́ owó olówó ti wá di ibi tí owó ti ń wọlé fún olówó. Ní 2023, CFTC, àjọ tó ń ṣọ́ irú ọjà báyìí ní Amẹ́ríkà, pe ilé-iṣẹ́ kan lẹ́jọ́, ó ní ó ti gba owó ìdánwò tó lé ní mílíọ̀nù 310 dọ́là. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù ní 2025 nítorí ìwà tí àjọ náà fúnra rẹ̀ hù nínú rẹ̀, nítorí náà n kò ní sọ pé ilé-iṣẹ́ ọ̀hún jẹ̀bi. Ohun tí mo ń fi hàn ni bí owó tó wà nínú ìdánwò nìkan ti pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Táńkẹ̀. Dọ́là 10,000 ni wọ́n kọ sí ojú akáǹtì àbúrò mi. Bí 10% bá ti lọ, ó parí, nítorí náà 1,000 ni owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní tòótọ́. Ó ń fi 100 wewu lórí tíréèdì kọ̀ọ̀kan, ó ń pè é ní 1%, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó ní ni.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ra góòlù, XAUUSD, ìdajì lọ́ọ̀tì, ìyẹn áńsì 50. Góòlù fi dọ́là 8 gòkè, èrè 400 sì dúró lójú fóònù láìtíì tì í. `Balance`, tó ń ka tíréèdì tí a ti tì nìkan, ṣì jẹ́ 10,000. `Equity`, tó ń ka èrè tàbí àdánù tíréèdì tó ṣì ṣí mọ́ ọn, ti di 10,400. Ó fi í sílẹ̀, ó sùn. Aago ilé-iṣẹ́ náà ń tẹ̀lé ti Pírágì. Nígbà òtútù wọn, aago wa àti tiwọn dọ́gba, àmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago 12 òru wọn máa ń dé nígbà tí tiwa bá lu 11 alẹ́. Ní 11 alẹ́ yẹn, ọjọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n wo `Balance` àti `Equity`, wọ́n mú èyí tó ga jù, wọ́n yọ 500 kúrò. Ìlà bọ́ sí 9,900. Kí ilẹ̀ tó mọ́, góòlù já wálẹ̀ pẹ̀lú dọ́là 10 àti sẹ́ǹtì 20, `Equity` di 9,890. Akáǹtì tì. Ká ní `Balance` nìkan ni wọ́n fi ń ṣírò, 9,500 ni ìlà ìbá wà, ọmọ náà ìbá sì jí bá akáǹtì rẹ̀ láàyè.

Èyí tó tún burú jù ú lọ ni ìlà tó ń tẹ̀lé ènìyàn gòkè. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 9,000. Bí èrè tí o kò tíì tì bá gbé ọ dé 10,700 fún ìṣẹ́jú kan péré, ìlà á gòkè dé 9,700, kì í sì í sọ̀ mọ́. Bí o bá wá ti tíréèdì ní 10,100, o jèrè 100, bẹ́ẹ̀ ààyè tó kù fún ọ ti dín láti 1,000 di 400. Èmi ò ní san owó fún irú èyí láéláé, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ mìíràn kó tó sanwó. Ó béèrè bóyá ìlà ojúmọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti `Balance` tàbí `Equity`, àti aago mélòó ní Nàìjíríà ni ọjọ́ wọn ń yí. Wọ́n ní `Balance` ni, aago 11 alẹ́. Ó sanwó. Ó sì ti fi aláàmù sí 9:45 alẹ́ lórí fóònù rẹ̀, kó lè ti gbogbo tíréèdì tó bá ṣì ṣí kí ọjọ́ tó yí.