Ìdí ọmọ tó pọ́n: ẹ wo ibi tí awọ ti ká mọ́ra

Kí ẹ tó fi ìpara kankan sí ìdí ọmọ tó pọ́n, ẹ rọra la itan rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí awọ ti ká mọ́ra. Bí ibẹ̀ bá mọ́, tó jẹ́ pé orí ìdí àti ibi tí páńpáàsì ti ń kan ara gan-an ló pọ́n, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ló fà á. Ìtọ̀ ń rẹ awọ, ó sì ń fún àwọn èròjà tó ń da oúnjẹ nínú ìgbẹ́ lágbára láti jẹ awọ náà. Lára ọmọ tó dúdú, ó lè má pọ́n fòò. Ó lè kàn dúdú ju awọ tó yí i ká lọ.

Ìpara tó ní síǹkì ọ́kísáìdì, tàbí fasilíìnì lásán, ló ń dí ọ̀nà mọ́ omi. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òwú fọ ìdí náà, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ láìnù ún, kí ẹ wá fi ìpara náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí awọ kò fi hàn lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá tún ń pààrọ̀, ìgbẹ́ tó wà lókè ìpara nìkan ni kí ẹ nù. Fífi agbára ha gbogbo síǹkì kúrò ló ń tún egbò dá. Páńpáàsì kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí mẹ́ta lọ, bí ọmọ bá sì yàgbẹ́, lójú ẹsẹ̀ ni. Ẹ má fi páúdà sí i, ọmọ lè fà á símú.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ oṣù mẹ́jọ tó lo áńtíbáyótíìkì fún ọjọ́ márùn-ún, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣàn. Ìdí rẹ̀ pọ́n, ìyá rẹ̀ fi síǹkì sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, kò lọ. Nísinsìnyí, inú ibi tí awọ ti ká ló pọ́n jù, etí rẹ̀ hàn ketekete, àwọn kókó kéékèèké pupa sì tú ká yí i ká. Kándídà nìyẹn, irú èbu kan tó ń hù lára awọ. Áńtíbáyótíìkì ti pa àwọn kòkòrò tí kì í jẹ́ kó pọ̀ lápọ̀jù, ibi ọ̀rinrin sì ni ó fẹ́. Síǹkì nìkan kò lè pa á.

Ìpara kulotirimásọ́ọ̀lù, oògùn tó ń pa kándídà, ló yẹ kó kọ́kọ́ kan awọ ní tín-ín-rín, ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta lójúmọ́. Bó bá wọlé tán, kí síǹkì tẹ̀lé e lórí. Bí síǹkì bá ṣáájú, oògùn kò ní kan awọ. Bí ẹ bá rí funfun lẹ́nu ọmọ náà tí kò ṣeé nù kúrò, ẹ sọ fún oníṣègùn, nítorí ẹnu náà nílò oògùn tirẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìpara àdàlù tí wọ́n ń tà fún gbogbo àrùn awọ: púpọ̀ nínú wọn ní stíróọ́ìdì líle, tó ń mú awọ ọmọ fẹ́lẹ́, páńpáàsì sì ń jẹ́ kó wọ ara sí i. Bí ibà bá dé, bí ó bá ń ṣọyún tàbí tó yọ roro, tàbí tí kò bá dínkù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ti ń lo oògùn náà, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.