Bí òfin ṣe ń mọ kọ́ńpìnnì kékeré yàtọ̀ sí ńlá: ọjà ọdún kan ò tó o

Ó máa ń bíni nínú tí kọ́ńpìnnì kan bá ta ọjà gan-an lọ́dún kan, táwọn èèyàn á wá ní ó ti di ńlá nìyẹn, kó tètè lọ wá ọ́dítọ̀ tó máa yẹ ìwé ìṣirò ẹ̀ wò, torí kọ́ńpìnnì kékeré lòfin máa ń yọ̀ǹda lọ́wọ́ ìyẹn. Òfin ò kánjú tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká mú ti Ìlú Ọba, torí àwọn ọmọ wa tó ní kọ́ńpìnnì níbẹ̀ pọ̀, ọgbọ́n sì wà nínú bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni òfin kọ́ńpìnnì wọn ti 2006 ń wò: iye ọjà tí wọ́n tà lọ́dún, dúkìá tó wà nínú ìwé ìṣirò, àti iye òṣìṣẹ́. Fún ọdún ìṣirò tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2025, kọ́ńpìnnì kékeré ò gbọdọ̀ ta ọjà ju mílíọ̀nù 15 pọ́ùn lọ, dúkìá ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 7.5, òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 50. Ti alábọ́ọ́dé ni mílíọ̀nù 54, mílíọ̀nù 27 àti 250, ẹni tó bá kọjá ìyẹn ló di ńlá. Ààrò mẹ́ta ni àwa mọ̀ pé kì í da ọbẹ̀ nù, àmọ́ níbí, tí kọ́ńpìnnì bá ti ń bọ́ sábẹ́ méjì nínú mẹ́ta, ó ti tó. Ó bọ́gbọ́n mu, torí ẹni tó ń ta epo mọ́tò lè pa owó rẹpẹtẹ wọlé pẹ̀lú èèyàn mẹ́wàá péré, ẹni tó ń gbé àwọn tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì kiri sì lè ní èèyàn ọgọ́rùn-ún láìní ju mọ́ọ̀pù àti ọkọ̀ díẹ̀ lọ.

Ibi táwọn èèyàn ti máa ń ṣì í jù ni dúkìá. Gbogbo ohun tí kọ́ńpìnnì ní ni wọ́n ń kà, wọn kì í yọ gbèsè kúrò. Tó o bá yá mílíọ̀nù 6 ní báńkì láti fi ra ilé ìkẹ́rùsí, ilé yẹn wọlé sínú ìṣirò ní odindi, bó tiẹ̀ jẹ́ pé báńkì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ni ín.

Ká sọ pé kọ́ńpìnnì kan ní Lọ́ńdọ̀n ń kó gàrí àti epo pupa wọlé. Lọ́dún kìíní ó ta mílíọ̀nù 14, dúkìá mílíọ̀nù 6, òṣìṣẹ́ 45, kékeré ni. Lọ́dún kejì ó ta mílíọ̀nù 16, ó ti kọjá lórí ọjà, àmọ́ dúkìá àtòṣìṣẹ́ ṣì wà nísàlẹ̀, kékeré náà ni. Lọ́dún kẹta ó yáwó ra ilé ìkẹ́rùsí, dúkìá di mílíọ̀nù 9, ọjà di mílíọ̀nù 17, ó ti kọjá méjì báyìí, síbẹ̀síbẹ̀ kékeré ṣì ni, torí òfin ní ó gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́dún méjì tẹ̀lé ara wọn kí ipò tó yí padà. Tí ọdún kẹrin bá tún rí bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn ló tó di alábọ́ọ́dé tí ọ́dítọ̀ á sì wọlé. Tó bá wá fà sẹ́yìn lọ́dún karùn-ún, kò ní padà di kékeré lójú ẹsẹ̀, ó gbọdọ̀ dúró di ọdún kejì níbẹ̀ náà. Ohun tó dára jù nínú òfin yìí nìyẹn jàre, òwò tó bá ṣe dáadáa lẹ́ẹ̀kan ò ní máa gba ọ́dítọ̀ lọ́dún yìí kó tún lé e lọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Àmọ́ ihò kan wà níbẹ̀. Kọ́ńpìnnì tó bá wà lábẹ́ kọ́ńpìnnì mìíràn, gbogbo wọn ni wọ́n máa rò pọ̀ kí wọ́n tó yọ̀ǹda ẹ̀ lọ́wọ́ ọ́dítọ̀. Ṣùgbọ́n tí èèyàn kan bá fọwọ́ ara ẹ̀ ni kọ́ńpìnnì méjì, tí kò sí kọ́ńpìnnì kankan lókè wọn, òfin ò kà wọ́n sí ẹbí kan náà, kálukú á máa jẹ́ kékeré lọ. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ti Nàìjíríà, ìyẹn òfin kọ́ńpìnnì tó ń jẹ́ CAMA ti 2020, gba ọ̀nà mìíràn. Ọjà kọ́ńpìnnì kékeré ò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 120 náírà, dúkìá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbèsè ò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 60, kò gbọdọ̀ sí àjèjì tàbí ìjọba lára àwọn tó ni ín, àwọn dáríkítọ̀ sì gbọdọ̀ ní ó kéré tán ìpín 51 nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo ẹ̀ ló sì gbọdọ̀ pé pọ̀. Yíyọ gbèsè yẹn dáa ju ti Ìlú Ọba lọ. Iye owó yẹn ló ń dunni, torí pọ́ùn tó ń rọ̀ wà lára ohun tó mú kí Ìlú Ọba gbé tiwọn sókè ní 2025, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 120 ti 2020 ò lè ra ohun tó ń rà nígbà yẹn mọ́, kọ́ńpìnnì lè kúrò ní kékeré láìta àpò ìrẹsì kan kún èyí tó ń tà tẹ́lẹ̀.