Ìṣẹ́jú Kan Níwájú Agbanisíṣẹ́: Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ̀rọ̀ Fídíò Ìwáṣẹ́

Bíbá àwọn ilé iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ mi. Lásìkò yìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wáṣẹ́ ló ń fi fídíò kékeré kún sífíì wọn, àwọn ilé iṣẹ́ kan tilẹ̀ ń béèrè fún un. Mo máa ń wo fídíò wọ̀nyí parí. Síbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣẹ́jú kan á pé, mi ò sì ní lè sọ iṣẹ́ tí ẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe. Kì í ṣe fóònù wọn ni kò dáa. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó tan kámẹ́rà ni kò dúró ire.

Ọmọbìnrin kan gbé tirẹ̀ wá kí n bá òun wò ó. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 3 ní sítọ̀ọ̀ ilé iṣẹ́ kan n'Íbàdàn tó ń ta oògùn ní páálí-páálí fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, ó sì fẹ́ di alábòójútó sítọ̀ọ̀ níbòmíràn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé:

“Ẹ káàárọ̀ o. Orúkọ mi ni báyìí-báyìí, ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mí. Èmi ni àkọ́bí nínú ọmọ 4. Mo ti gboyè ní yunifásítì, mo sì ti sin ilẹ̀ baba mi. Ẹni tó máa ń ṣiṣẹ́ kára ni mí, mo ṣeé fọkàn tán, mo sì lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ pọ̀…”

Ilé la ti ń kọ́ irú ìfihàn báyìí. Bí a bá dé àárín àwọn àgbà, ọmọ ta ni wá ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi wá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí agbanisíṣẹ́ ń wá yàtọ̀: iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tó ń dà á láàmú, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti gbé irú rẹ̀ rí. Ní ti “mo máa ń ṣiṣẹ́ kára”, ẹni tí kò wọ sítọ̀ọ̀ rí láyé rẹ̀ lè ka gbólóhùn yẹn láìyí lẹ́tà kan padà. Bí mo ṣe máa ń dá gbólóhùn tó yẹ kí a yọ mọ̀ nìyẹn.

Mo ní kó pa ìwé náà dé. Mo wá bi í pé, “Kí ló ń bàjẹ́ ní sítọ̀ọ̀ yẹn tó jẹ́ pé ìwọ lo tún un ṣe?”

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Oògùn ló ń kọjá ọjọ́ lórí pẹpẹ. Bí ọjà tuntun bá dé, iwájú ni wọ́n ń kó o sí torí ibẹ̀ ló yá, èyí tó ti wà nílẹ̀ á sì máa sún sẹ́yìn títí ọjọ́ rẹ̀ á fi kọjá. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ ìparí oògùn sórí káàdì ọjà kọ̀ọ̀kan, tó sì ń to èyí tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́lé síwájú. Mo bi í pé níbo lèyí wà nínú ọ̀rọ̀ tó kọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ pé ó tó nǹkan tí èèyàn ń sọ ni.”

Ohun tá a jọ kọ lẹ́yìn ìyẹn nìyí:

“Mo mọ bí a ṣe ń ṣètò sítọ̀ọ̀ kí ọjà má baà kọjá ọjọ́ lórí pẹpẹ. Ọdún 3 ni mo fi tọ́jú sítọ̀ọ̀ oògùn n'Íbàdàn. Nígbà tí mo débẹ̀, bíi páálí 9 ló ń di èyí tí a ò lè tà mọ́ lóṣooṣù. Mo wá ìdí rẹ̀, mo rí i pé ọjà tuntun là ń kó síwájú, ti tẹ́lẹ̀ sì ń há sẹ́yìn. Mo kọ ọjọ́ ìparí sórí káàdì oògùn kọ̀ọ̀kan, mo to èyí tó sún mọ́lé síwájú, mo sì ń fi Excel ṣàkọsílẹ̀ èyí tó bá ku oṣù 3, kí àwọn tó ń tajà lè tètè tà á. Lẹ́yìn oṣù 6, ó ti dín sí páálí 2. Iṣẹ́ alábòójútó sítọ̀ọ̀ ni mò ń wá, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn tàbí oúnjẹ. Orúkọ mi àti ímeèlì mi wà nísàlẹ̀ fídíò yìí.”

Nínú gbogbo rẹ̀, gbólóhùn tó wù mí jù ni “Mo wá ìdí rẹ̀”. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé àdánù dínkù lójú òun. Ẹni tó bá lè sọ ohun tó fà á nìkan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ibẹ̀ náà sì ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè mi lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi iye tí ẹ kò kà síbẹ̀. Bí ẹ kò bá ní iye lọ́wọ́, ẹ sọ bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe rí nígbà tí ẹ ṣe tán, ìyẹn náà tó. Ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ oṣù ṣe lè mú ìtàn tirẹ̀ láti ibi tó ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀, tàbí láti ibi tó ti kọ́ṣẹ́.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Orúkọ ilé iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò sí nínú fídíò yẹn, kò sí iye owó kankan níbẹ̀, a kò sì fi káàdì ọjà wọn han ẹnikẹ́ni. Àdánù wọn ni à ń sọ, àṣírí wọn sì ni. Agbanisíṣẹ́ tó bá gbọ́ tí ẹ ń tú àṣírí ọ̀gá àná á máa ro ohun tí ẹ máa sọ nípa òun lọ́la.

Lóòótọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ yìí máa fẹ́ gbọ́. Síbẹ̀ Yorùbá ni mo kọ́kọ́ ní kó fi sọ ọ́, torí Gẹ̀ẹ́sì ló kó gbogbo “mo ṣeé fọkàn tán” yẹn wá. Nígbà tí ìtàn náà ti dúró, ó tún un sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń sọ ọ́ fún ojúlùmọ̀. Ẹni tí kò bá sáré máa sọ bíi ọ̀rọ̀ 130 ní Gẹ̀ẹ́sì láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí tiyín bá ti wọ 200, ìtàn méjì lẹ kó pọ̀, ẹ yọ ọ̀kan.

Ní ti yíyà á, ẹ kọjú sí fèrèsé, ẹ má ṣe kẹ́yìn sí i. Ẹ dúró títí jẹnẹrétọ̀ á fi dákẹ́. Ẹ má sì ka ìwé, torí ojú yín á máa rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, ẹni tó ń wò ó á sì rí i. Ọ̀rọ̀ 4 péré ni ọmọbìnrin yìí kọ sórí páálí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà: ọjọ́, ìdí, káàdì, méjì. Bí ẹ bá fi fídíò ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, àwòrán rẹ̀ lè má hàn kedere mọ́. Ẹ gbé e sórí Yútúùbù, ẹ yan Unlisted, kí ẹ wá fi línkì rẹ̀ sínú sífíì.

Kó tó fi ránṣẹ́ síbikíbi, mo ní kó fi han ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa sítọ̀ọ̀, lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì bi í pé, “Kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ “o ń sọ̀rọ̀ dáadáa”, ká padà sídìí ìwé. Àbúrò rẹ̀ tó ń ránṣọ ló fi hàn. Ìyẹn gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ṣe ń bàjẹ́ nílé wa? Èyí tuntun ni màmá máa ń kọ́kọ́ lò.”

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló fi ránṣẹ́.